Ta Ló Kọ Ọ́, Ta Ló Ṣe Olóòtú Rẹ̀? Bí A Ṣe Ń Tú Àkójọ Ìwé Tó Lọ́jú Pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì la jọ ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí Ògún àti ìtàn Yorùbá. A da àkójọ ìwé wa pọ̀, ó sì dàrú. Níbì kan, olóòtú ló jókòó sípò òǹkọ̀wé. Níbòmíràn, ẹni tó kọ orí kan ṣoṣo la kọ bí ẹni pé òun ló ni odidi ìwé. Ìwé kan náà sì tún ń jáde pẹ̀lú ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú Zotero, kò yanjú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Mo ṣa ìlà márùn-ún nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí pé ohun tó ń ṣe ìyókù náà ló ń ṣe wọ́n:

```
Barnes, S. 1997. A Comparative Analysis of Ogun in Precolonial Yorubaland. Indiana.
Babalola, A. 1989. Africa's Ogun: Old World and New, 2nd ed. Indiana.
Johnson, O. 1921. The History of the Yorubas. Routledge.
Johnson, S. and Johnson, O. 2010. The History of the Yorubas, 2nd ed. Cambridge.
Abimbola, W. 1975. Yoruba Oral Tradition, pp. 389-420. Ife.
```

Ẹ fi Zotero sílẹ̀ ná. Orúkọ tí ẹ bá kọ sí àyè `Author` ni yóò gbà pé òun ló kọ ìwé, kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí, ojú èèyàn ló máa ṣe é.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n á máa bi ara wọn pé, "Ṣé òǹkọ̀wé ni Barnes àbí olóòtú?" Ẹ ò lè rí ìdáhùn sí ìyẹn, torí pé Sandra T. Barnes ṣe olóòtú *Africa's Ogun*, ó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú rẹ̀. Ara àkọlé ni ipò máa ń wà, kì í wà lára èèyàn. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ìlà kọ̀ọ̀kan ni pé: àkọlé mélòó ló wà níbí, ta ló sì ṣe kí ni fún àkọlé kọ̀ọ̀kan? Odidi ìwé ní àkọlé kan. Orí inú ìwé àkójọpọ̀, ìyẹn ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú rẹ̀, ní méjì: àkọlé orí náà àti àkọlé ìwé tó gbé e sínú. Ẹni tó kọ orí ló ni àkọlé àkọ́kọ́, olóòtú ló ni èkejì. Àtẹ̀jáde, ilé ìtẹ̀wé àti ọdún, ara ìwé ni gbogbo wọn wà. Ojú ìwé nìkan ni ti orí.

Bí ẹ bá ti gba ìyẹn, ẹ kó àkójọ yín sínú Excel, kí ẹ ya àkọlé orí sí òpó kan, ẹni tó kọ ọ́ sí òpó kan, àkọlé ìwé sí òmíràn, olóòtú sí òmíràn, kí àtẹ̀jáde, ọdún, ilé ìtẹ̀wé àti ojú ìwé náà ní òpó tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó tẹ̀lé àkọlé ìwé. Ẹ má tò ó tẹ̀lé orúkọ o. Bí ẹ bá tò ó tẹ̀lé orúkọ, Barnes wà lókè, Peel wà nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí i pé inú ìwé kan náà ni wọ́n wà. Bí ẹ bá tò ó tẹ̀lé àkọlé ìwé, gbogbo *Africa's Ogun* á kóra jọ, ẹ ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé "òǹkọ̀wé" mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń du ìwé kan ṣoṣo. Níbi tí wọ́n bá ti ń du ìwé báyẹn, ìwé àkójọpọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, kì í sì í sábà sí èyí tó jẹ́ oníwèé nínú wọn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá ṣí ìwé fúnra rẹ̀. Ojú ìwé àkọlé ni ẹ ó wò, ìyẹn ojú ewé inú tó ní orúkọ ìwé, orúkọ èèyàn àti ilé ìtẹ̀wé, kì í ṣe èèpo ìwé. Èèpo lè gbé orúkọ olóòtú jáde gàdàgbà láìsọ pé olóòtú ni. Ẹ̀yìn ojú ewé náà ni wọ́n máa ń kọ ọdún àti irú àtẹ̀jáde sí. Bí ìwé kò bá sí nítòsí, ẹ wá a nínú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé ńlá kan, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `MARC` sí. Lórí ìlà 245, lẹ́yìn `$c`, ẹ ó rí ohun tí ojú ìwé àkọlé sọ nípa ẹni tó ṣe kí ni. Ìlà 250 ló máa ń sọ àtẹ̀jáde. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí orísun ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ yín: fún ìwé àkójọpọ̀, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé ìkàwé kì í sábà fi ẹnikẹ́ni sí ìlà 100, tó jẹ́ ìlà òǹkọ̀wé. Ìlà 700 ni orúkọ olóòtú máa ń wà, ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò sì ní `$e` tó yẹ kó sọ ipò ẹni náà. Ẹ̀rọ tó bá gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọlé kò ní ohun tó máa fi mọ ipò rẹ̀, á kàn méfò ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìlà yín wò.

Ìlà àkọ́kọ́ ti gbé àkọlé kejì mì. *A Comparative Analysis of Ogun in Precolonial Yorubaland* kì í ṣe ìwé. Orí kan ni nínú *Africa's Ogun*, J. D. Y. Peel ló sì kọ ọ́. Ẹni tó kọ ìlà yìí rí orúkọ Barnes lára ìwé, ó rí àkọlé orí nínú ìwé, ó so méjèèjì pọ̀. Nínú Zotero, ẹ yí `Item Type` rẹ̀ láti `Book` sí `Book Section`. Ẹ ṣọ́ àkọlé bí ẹ bá ń ṣe é, nítorí ó lè fò sí `Book Title` kó sì fi `Title` sílẹ̀ lófìfo. Kí Peel wà ní `Author`, kí Barnes wà ní `Editor`, kí `Edition` jẹ́ 2. Bí ó ṣe máa jáde ní ìlànà APA nìyí:

```
Peel, J. D. Y. (1997). A comparative analysis of Ogun in precolonial
Yorubaland. In S. T. Barnes (Ed.), Africa's Ogun: Old World and new
(2nd ed., pp. 263–289). Indiana University Press.
```

Nọ́ńbà 2 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọdún 1989 ni *Africa's Ogun* kọ́kọ́ jáde. Ti 1997 ni àtẹ̀jáde kejì tí wọ́n fẹ̀ sí i, tí wọ́n fi àwọn orí tuntun kún. Ti Peel wà lára àwọn tí wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá kọ "Peel 1989" ń rán òǹkàwé lọ sínú ìwé tí kò ti ní rí Peel rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí ìwé àkójọpọ̀ bá ní ju àtẹ̀jáde kan lọ, ẹ ṣí ìtọ́sọ́nà inú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kọ ọdún. Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ lè ní àtẹ̀jáde kejì kó má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ju ìpínrọ̀ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n odidi èèyàn lè wọlé tàbí jáde nínú àtẹ̀jáde tuntun ìwé àkójọpọ̀.

Ìlà kejì ni òdìkejì àkọ́kọ́. Níbí, àkọlé orí ló sọnù, ìwé àti ẹni tó kọ orí ló kù, ni Adébóyè Babalọlá bá di oníwèé. Orí tirẹ̀ ni *A Portrait of Ogun as Reflected in Ijala Chants*. Orí yìí wà nínú ti 1989, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú ti 1997, nítorí náà àkọlé nìkan kò lè sọ ọdún tó yẹ fún yín. Ẹ bi ẹlẹgbẹ́ yín tó lo orí náà pé ẹ̀dà wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti 1989, ẹ pa "2nd ed." rẹ́. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ sọ ọdún di 1997. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí méjèèjì jọ wà nínú ìlà kan bí wọ́n ṣe wà yìí, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé. Ojú ìwé náà, ẹ̀dà tí ẹ mú lọ́wọ́ ni kí ẹ ti kọ ọ́. Ẹ má yá nọ́ńbà láti inú àkójọ ẹlòmíràn.

Mo rí i pé lórí ìwé kan náà yìí, ẹnì kan nínú yín kọ Bird àti Karp gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Òótọ́ ni pé orúkọ Charles S. Bird àti Ivan Karp wà níwájú ìwé, àmọ́ olóòtú ọ̀wọ́ ìwé *African Systems of Thought* ni wọ́n, kì í ṣe ti ìwé yìí gan-an. Àyè `Series Editor` ni tiwọn, ọ̀pọ̀ ìlànà kò tilẹ̀ ní tẹ orúkọ wọn jáde. Ẹ tún fura sí Babalọlá yìí kan náà níbòmíràn: *The Content and Form of Yoruba Ijala* ti 1966 kọ ọ́ sí S. A. Babalola. Ẹ̀rọ máa ka S. A. àti Adeboye sí èèyàn méjì bí ẹ kò bá so wọ́n pọ̀.

Ibi tó dùn jù fún mi ni ti Johnson, ibẹ̀ sì ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀.

Ojú ìwé àkọlé *The History of the Yorubas* ti 1921 kò ní ohun tó lè rú èèyàn lójú: Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ ọ́; Dókítà O. Johnson ti Èkó ló ṣe olóòtú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n: Samuel ni ẹ̀gbọ́n, Obadiah tí wọ́n kọ ní O. ni àbúrò. Ìwé yìí kì í ṣe ìwé àkójọpọ̀. Àkọlé kan ló ní, òǹkọ̀wé kan ló kọ ọ́, olóòtú sì tún wà níbẹ̀. Irú èyí ló ń tan èèyàn jù, nítorí pé a ti mọ́ra pé ibi tí olóòtú bá wà, òǹkọ̀wé kì í sí níwájú ìwé. Ẹni tó kọ ìlà kẹta sọ òǹkọ̀wé nù, ó fi olóòtú rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó kọ ìlà kẹrin fẹ́ ṣe dáadáa sí àwọn méjèèjì, ó sọ wọ́n di òǹkọ̀wé alájùmọ̀ṣe. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ẹlẹgbẹ́ yín lè jiyàn pé iṣẹ́ tí Obadiah ṣe ju ti olóòtú lọ. Ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Obadiah kọ sọ ọ́ pé ní 1899 ni wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Samuel kú ní 1901 láìfojú rí ìwé náà. Inú àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ ni Obadiah ti tún un kọ. Bí a bá ń fi làálàá díwọ̀n, ó tó orúkọ tirẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n àkójọ ìwé kọ́ ni ilé ẹjọ́ tí a ti ń pín ẹ̀tọ́. Ohun tí ojú ìwé àkọlé sọ ni a ó kọ, Obadiah fúnra rẹ̀ ló sì yàn kí wọ́n pe òun ní olóòtú. Ẹ lè gbé àríyànjiyàn yẹn sínú iṣẹ́ yín, ní àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Inú àkójọ, bó ṣe rí nìyí:

```
Johnson, S. (1921). The history of the Yorubas (O. Johnson, Ed.). Routledge.
```

Ẹ kíyè sí ibi tí olóòtú bọ́ sí: lẹ́yìn àkọlé ni, kì í ṣe níwájú. Nínú Zotero, `Book` ló máa jẹ́, kí Samuel wà ní `Author`, kí Obadiah wà ní `Editor`, ó parí. Bí ọ̀kan nínú yín bá ń lo BibTeX àtijọ́ pẹ̀lú `plain`, kó mọ̀ pé `@book` ibẹ̀ kì í gba méjèèjì pọ̀. Á kígbe pé `can't use both author and editor fields`, á tẹ òǹkọ̀wé, á sì gbé olóòtú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó kọ olóòtú sínú `note`, tàbí kó bọ́ sí biblatex tó ń gba méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ wá kan 2010. Cambridge tún ìwé yìí gbé jáde lọ́dún yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúntẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ 1921 ni wọ́n tún gbé síta. Kì í ṣe àtẹ̀jáde kejì. Bákan náà ni àwọn ẹ̀dà tí ilé ìtẹ̀wé CSS tẹ̀ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà. Bí ẹ ṣe máa fi mọ̀ ọ́n ni pé àtẹ̀jáde tuntun máa ń sọ ohun tó yí padà, ó lè ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun, orí tuntun tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ṣe. Àtúntẹ̀ kàn ń to ọdún rẹ̀ lẹ́yìn ojú ìwé àkọlé ni. Bí ẹ bá rí "reprinted" tàbí "impression" níbẹ̀, ẹ má fi nọ́ńbà kankan sí `Edition`. Ẹ fi ọdún ẹ̀dà tí ẹ lò sí `Date`, kí ẹ sì lọ sí `Extra`, kí ẹ tẹ èyí sí i:

```
original-date: 1921
```

Ìlànà APA á wá kọ (Johnson, 1921/2010) nínú iṣẹ́ yín. Fún ìwé bí èyí, ó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé "Johnson 2010" lásán á jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ rò pé òpìtàn ayé òde òní ni ẹ ń tọ́ka sí, nígbà tí ọkùnrin náà ti kú láti 1901. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà mẹ́ta láàárín ara yín, ẹ fẹnu kò lórí ọ̀kan, kí ẹni tó lo òmíràn yẹ ojú ìwé rẹ̀ wò sí ti èyí tí ẹ yàn.

Ibì kan ṣoṣo ni Obadiah ti máa jẹ́ òǹkọ̀wé: bí ẹ bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ gan-an, bíi ìtàn ìwé àfọwọ́kọ tó sọnù yẹn. Ìgbà náà, ó di àkọlé méjì. *Editor's Preface* ni àkọlé àkọ́kọ́, Obadiah ló kọ ọ́. Ìwé Samuel ló gbé e sínú. Nínú Zotero, `Book Section` ni, Obadiah wà ní `Author`, Samuel sì bọ́ sí ipò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì ṣí rí, `Book Author`. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ `Author` tí wọ́n kọ sí apá òsì orúkọ, ẹ ó rí i nínú àwọn tó máa yọ síta. Irú ètò yìí náà lẹ ó lò fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí àlejò bá kọ sínú ìwé ẹlòmíràn.

Ti atúmọ̀-èdè kò le. Fágúnwà ló ni *Ogboju Ode ninu Igbo Irunmale*. Ṣóyínká tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 wà ní `Translator`, kì í ṣe olóòtú, kì í sì ṣe òǹkọ̀wé alájùmọ̀ṣe.

Ìlà karùn-ún: ojú ìwé 389 sí 420 lára odidi ìwé. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí ojú ìwé láti ibí dé ibẹ̀ lára ohun tí ẹ pè ní ìwé, orí kan ló ń pe yín. *Yoruba Oral Tradition* ti 1975 jẹ́ ìwé àkójọpọ̀ tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ fún ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ojú ìwé 389 sí 420 ibẹ̀ ni orí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ rẹ̀ máa wà nínú ìlà yẹn, lẹ́ẹ̀kan ní `Author`, lẹ́ẹ̀kan ní `Editor`. Ẹ má yọ ọ̀kan torí pé ó jọ àsọtúnsọ. Bí ẹ bá yọ olóòtú, ẹ̀rọ á tẹ ìwé náà bí ẹni pé kò ní olóòtú.

Ojú ìwé yìí tún wúlò bí àkọlé orí bá ti sọnù pátápátá. Ìlà kan wà lápá ìsàlẹ̀ àkójọ yín tó sọ pé Abimbola 1975, ojú ìwé 421 sí 469. Kì í ṣe tirẹ̀. Orí tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni, èyí tí Rowland Abíọ́dún kọ lórí àwọn ohun èlò Ifá. Ẹ fi nọ́ńbà tí ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ wá a nínú ìtọ́sọ́nà inú ìwé, ẹni tó ni ín á fara hàn. Abímbọ́lá kan náà tún wà nínú *Sources of Yoruba History* ti 1973, àmọ́ S. O. Bíòbákú ni olóòtú ibẹ̀, Abímbọ́lá kàn kọ orí kan sí i ni. Ẹ sì má kọ odidi *Yoruba Oral Tradition* sínú àkójọ lọ́tọ̀ àyàfi tí ẹ bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà lódindi níbì kan.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wá-kí-o-fi-rọ́pò Word tún "ed." ṣe lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò. Ẹ tún wo ìlà Peel lókè: "Ed." àti "ed." jọ wà níbẹ̀, ti orúkọ ni àkọ́kọ́, ti nọ́ńbà ni èkejì. Èyí tí nọ́ńbà tàbí "rev." bá wà níwájú rẹ̀, àtẹ̀jáde ni, èyí tí orúkọ bá wà níwájú rẹ̀, olóòtú ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ojú kọjá lórí wọn.

Ìlà tí ẹ kò bá rí ojú ìwé àkọlé rẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ pupa nínú Excel, ẹ má fi àbá dí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tọ́ tán, ẹ ṣì ní iṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ ìwádìí fúnra rẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹ ti kọ (Barnes, 1997) nígbà tí ọ̀rọ̀ Peel ni ẹ ń yá lò gbọ́dọ̀ di (Peel, 1997). Bí ẹ bá tún ohun tó wà nínú Zotero ṣe láìpa á rẹ́ kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ tẹ `Refresh` nínú Word, ó máa yí padà fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ kò ní yí. Ẹ wá "Barnes" nínú iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ka gbólóhùn tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, nítorí ibòmíràn wà tí ẹ ti kọ "Barnes sọ pé" sínú gbólóhùn, tó sì jẹ́ pé Peel ló sọ ọ́.